Ìwé Kò Ní Orúnkún

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí gbólóhùn kan fi há mi lọ́kàn bí eegun ẹja. Àbúrò mi obìnrin ló kọ ọ́ nínú èsì sí kúẹ́rì, ìwé tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi ní kó ṣàlàyé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí, irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́.” Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń sọ. Kò jí nǹkan kan. Kò tíì mọ ọjọ́ tí ohun tí wọ́n ní ó sọnù ti sọnù, kò sì mọ bó ṣe rìn. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Mo ní kó yọ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé mo mọ ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ẹni tó kọ ọ́. Òdìkejì tábìlì ni mo ti jókòó rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan, mo sì máa ń wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ọkùnrin kan wà nígbà náà tí wọ́n fún ní kúẹ́rì nítorí díísù jẹnẹrétọ̀ tó dín. Ó kọ ojú ìwé kan ààbọ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Alága wa ka gbólóhùn kan ṣoṣo jáde, ó ní, “Ẹ ẹ̀ rí i, òun fúnra rẹ̀ ló ní irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí ni ‘irú rẹ̀’ ọ̀hún?” Kò sẹ́ni tó fèsì. Èmi náà kò fèsì. Láàrin ogún ìṣẹ́jú, a ti parí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

## Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2024 ni, inú ààwẹ̀ Ramadan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu tán nílé bàbá wa ní Ìbàdàn ni àbúrò mi wọlé, tó gbé ìwé kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀kọ́. Òun ló ń tọ́jú sítọ̀ ní iléeṣẹ́ kan tó ń pín mílíìkì alágolo fún àwọn oníṣòwò. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ka ọjà inú sítọ̀, páálí 36 sì dín. Ní agogo mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní kúẹ́rì: kó ṣàlàyé láàrin wákàtí 24 ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ bá a wí lórí páálí 36 tó sọnù nípasẹ̀ “àìbìkítà tàbí àìṣòótọ́” rẹ̀.

Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn. “Lọ bẹ̀ wọ́n,” ni wọ́n wí. “Ọ̀gá rẹ kì í ṣe ọmọdé. Tó o bá kúnlẹ̀, á gbọ́.” Máníjà rẹ̀ náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún un lórí àtẹ̀gùn: kó ṣáà bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé, òun á bá a dá sí i, kò ní í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ló ṣe kọ ohun tó kọ kó tó délé.

Mi ò lè bá Bàbá jiyàn, nítorí pé nínú ilé wa, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. “Ẹ má bínú” kì í ṣe ìjẹ́wọ́ láàrin wa. Ẹlòmíràn á fẹsẹ̀ kọ òkúta lójú títì, àwa tí a kò sún mọ́ òkúta ọ̀hún á ní “pẹ̀lẹ́ o”. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀, á sì sọ láti ilẹ̀ ibẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, èmi kọ́.” Àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni ọmọ náà sọ. Orúnkún rẹ̀ bọ̀wọ̀, ẹnu rẹ̀ sọ òtítọ́, èkíní kò sì pa èkejì lára.

Ìwé kò ní orúnkún. Ẹni tí yóò ka fáìlì yẹn ní oríléeṣẹ́ ní Èkó kò rí ojú àbúrò mi, kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, adájọ́ kò ní í mọ̀ pé máníjà ti ṣèlérí kan lórí àtẹ̀gùn. Máníjà náà lè ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọn yóò rí ni pé obìnrin kan tọrọ ìdáríjì lórí páálí 36, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. “Ẹ má bínú” ti di “sọ́rì”, “sọ́rì” sì ti di “mo ṣe é”.

## Ìdáhùn lè jẹ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kúẹ́rì kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pè wọ́n jókòó, tí wọn yóò sì ráyè tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ lọ́nà tirẹ̀: a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa gbọ́ ọ? Nínú ẹjọ́ Imonikhe àti báǹkì Unity, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní ọdún 2011, òṣìṣẹ́ báǹkì kan gba kúẹ́rì, ó fèsì, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní wọn kò gbọ́ tòun. Ilé ẹjọ́ ní bí agbanisíṣẹ́ bá ti fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ nínú kúẹ́rì, tó sì jẹ́ kó dáhùn kó tó lé e, wọ́n ti gbọ́ tirẹ̀.

Mo ka èyí fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá sì dákẹ́. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin dáàbò bo ipò rẹ̀, àwọn ìgbésẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni bí ti àbúrò mi, ìwé ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ gbogbo ẹnu tó ní.

## Kí gan-an ni wọ́n sọ?

A tún kúẹ́rì náà kà, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ní kó fi gègé fàlà sábẹ́ ohun mẹ́ta: ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àti òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ní ó rú. Ó fàlà sábẹ́ “páálí 36”. Ó wá ìgbà, kò rí i. Ọjọ́ tí wọ́n ka ọjà nìkan ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a bá ka ọjà ni ọjà ń sọnù. Ó wá òfin, kò rí ìyẹn náà. “Àìbìkítà tàbí àìṣòótọ́” sì jẹ́ ẹ̀sùn méjì tó jìnnà síra. Ẹni tó gbàgbé láti ka ọjà àti ẹni tó gbé ọjà lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ó bi mí bóyá kò yẹ kóun ti fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n fún òun. Ó yẹ. Kíkọ̀ láti gbà á kò lè dá ohunkóhun dúró, ó kàn máa mú kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóríkunkun ni. Fífọwọ́ sí i pé ó dé ọwọ́ ẹni kò sọ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń gba èèyàn níyànjú ni kó kọ ọjọ́ àti aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọwọ́síwẹ̀é náà, nítorí pé láti orí aago yẹn ni wákàtí 24 ti ń ká.

Kí a tó sùn, ó ti kọ lẹ́tà kúkúrú kan tó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ó ní òun ti gba kúẹ́rì náà, òun yóò sì dáhùn rẹ̀ ní kíkún. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún òun àárín ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo ni wọ́n gbà pé ọjà náà sọnù, kí wọ́n jẹ́ kí òun wo káàdì sítọ̀ àti ìwé ẹnu géètì fún oṣù náà, kí wọ́n sì sún ọjọ́ ìdáhùn sí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó fi kún un pé bí kò bá ṣeé ṣe, òun yóò fi ìwọ̀nba ohun tí òun mọ̀ sílẹ̀ kí aago tó lù, òun yóò sì máa fi ìyókù ránṣẹ́ bí òun bá ṣe ń rí i. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Wọ́n gbà fún un. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn fi ṣe pàtàkì: ẹni tó béèrè àkókò tó sì dákẹ́ títí aago fi lù ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò fèsì.

## Òkè lẹ̀ ń wò

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ́ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Àbúrò mi lọ fún ìsinmi ọdọọdún láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 15 oṣù kẹta. Kó tó lọ, ní ọjọ́ Ẹtì tó jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù, òun àti ọkùnrin tó dúró fún un jọ ka ọjà. Páálí 412 ni wọ́n bá, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́. Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di Àfikún 1.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé kúẹ́rì náà, wọ́n jẹ́ kó wo àwọn ìwé ní ojú máníjà. Ó gbà kí wọ́n wà níbẹ̀, kò sì gbé ìwé kankan kúrò níbẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un nípa èyí, nítorí mo ti rí ẹni tó bọ́ nínú ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tó sì kó sínú èkejì nítorí pé ó fi ìwé iléeṣẹ́ ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù ara rẹ̀. Nọ́ńbà ojú ìwé àti ìlà ni kó kọ sílẹ̀, kó sì ní kí iléeṣẹ́ fúnra wọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì.

Ìṣirò náà lọ báyìí. Lórí páálí 412 tó wà nílẹ̀, káàdì sítọ̀ sọ pé 200 wọlé lọ́jọ́ 6, 150 sì wọlé lọ́jọ́ 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 762. Àwọn tó jáde lórí wéébíìlì jẹ́ 388. Ohun tó yẹ kó kù ni 374. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ́jọ́ 20 ni 338. Níbẹ̀ ni 36 ti jáde.

Ó wá ṣí ìwé ẹnu géètì. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ 12 ti ka ẹrù inú ọkọ̀ tó wọlé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: páálí 114. Káàdì ní 150. Ó pè mí láti inú sítọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ 114 kúrò nínú 150.”

## Ìwé kejì, ìwé kẹta

Ìgbà tó délé lọ́jọ́ Ẹtì náà, ẹ̀bẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀, ìbínú ló kù. Ìwé kejì tó kọ gbóná bí iná. Ó ní ọkùnrin tó dúró fún òun ló kó ọjà, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí i, pé iléeṣẹ́ náà kórìíra òun. Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo bi í bóyá ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 12. Kò sí níbẹ̀. Ṣé ó rí ọkùnrin náà tó gbé páálí kan? Kò rí i. Kí ló wá mọ̀? Ó mọ̀ pé ìwé kan sọ 150, ìwé kejì sọ 114. Mo ní ohun tó yẹ kó kọ nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èsì ti máa ń bàjẹ́. Oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́nu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn: ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, ohun tó kà nínú ìwé, àti ohun tó rò. Bó bá ti da ẹ̀kẹta pọ̀ mọ́ méjì tó ṣáájú, òǹkàwé kò ní í mọ èyí tó yẹ kó gbàgbọ́, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá sì pe ẹlòmíràn ní olè lórí ìwé láìní ẹ̀rí ti fún wọn ní ìdí láti tún fi kúẹ́rì mìíràn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó nira jù lọ kò tíì kan. Lọ́jọ́ 18 tó padà dé, wọ́n gbé ìwé ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́ mìíràn síwájú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i láìka ọjà. Oníbàárà ti ń dúró, ojú ọjọ́ gbóná, ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ fò ó. Ó ní wọn kò béèrè. Mo ní ìfọwọ́síwẹ̀é rẹ̀ wà níbẹ̀, wọn yóò rí i, bó bá sì jẹ́ àwọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sí ohun mìíràn tó kọ tí wọn yóò gbà gbọ́ mọ́. Ó sunkún díẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Ìwé kẹta ló lọ. Ìpínrọ̀ mẹ́fà ni, ó fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ju ojú ìwé kan lọ. Bí mo bá yí apá tó ṣe pàtàkì padà sí Yorùbá, ohun tó sọ nìyí:

“Mo dúpẹ́ fún àǹfààní láti ṣàlàyé. N kò gbà pé mo kó ọjà kankan tàbí pé mo mọ̀ nípa bí ọjà ṣe sọnù. Láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 15 oṣù kẹta, mo wà ní ìsinmi (Àfikún 2). Káàdì sítọ̀ fi hàn pé páálí 150 wọlé lọ́jọ́ 12. Ìwé ẹnu géètì ti ọjọ́ kan náà fi hàn pé 114 ló wọlé. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì lè sọ ìdí tí méjèèjì kò fi bára mu. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yẹ wéébíìlì ẹni tó kó ọjà wá wò. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ 18, mo gba iṣẹ́ padà láìka ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí n kà á. Èyí nìkan ni mo gbà.”

Ẹ wo “èyí nìkan”. Odi ni mo pè é. Ó gba ẹ̀bi rẹ̀, ó sì fi ààlà yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má baà fà á gùn dé orí páálí 36. Ẹ sì wò ó pé “mo bẹ̀bẹ̀” ṣì wà níbẹ̀. A kò yọ ọ̀wọ̀ kúrò. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ìwé wò. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí ohun tí kò ṣe jì í.

Ó tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, ó kó àfikún sẹ́yìn wọn, ó sì dúró ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ajé títí akọ̀wé fi lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tirẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Nǹkan kan tó yẹ kí n sọ fún ẹni tó bá ń ka èyí nítorí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ohun tí mo sọ yìí, ti iléeṣẹ́ ni. Bí ẹ̀sùn náà bá ti kan ìwà ọ̀daràn gedegbe, tí wọ́n sì ń mẹ́nu kan ọlọ́pàá, lọ́yà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí kúẹ́rì náà, nítorí ohun tó o bá kọ sínú rẹ̀ lè bá ọ dé kóòtù. Bí wọ́n bá sì mú èèyàn, abala 35 ìwé òfin kan náà fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lójú ọlọ́pàá, àlàyé kò pọn dandan. Lójú agbanisíṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ léwu.

## Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ wéébíìlì

Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ àbúrò mi wá wéébíìlì jáde, torí pé ó béèrè rẹ̀ nínú èsì rẹ̀. Lókè rẹ̀, wọ́n tẹ 150 sí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, awakọ̀ ti fi bírò kọ ọ́ pé 114 ni òun kó wá, 36 ṣì ń bọ̀. Ọkùnrin tó dúró fún àbúrò mi wo òkè ìwé náà, ó kọ 150 sórí káàdì, ó sì gbàgbé ìyókù. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tí ìwé kejì pè ní olè kò jẹ̀bi ju pé kò ka ìlà ìkẹyìn.

Wọ́n fún àbúrò mi ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí pé kò ka ọjà lọ́jọ́ 18. Ó gbà á, ó sì tọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìwé náà sínú fáìlì, ó lọ sí ọ́fíìsì máníjà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní “Ẹ ṣé sà, ẹ má bínú sí wàhálà yẹn.” Inú Bàbá dùn nígbà tó sọ fún wọn pé òun ti kúnlẹ̀.

Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi. Mo ṣì ń rántí ọkùnrin oníjẹnẹrétọ̀ yẹn, àti bí ó ṣe kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jáde nínú yàrá ìpàdé. Ilé epo tó ń já díísù fún wa náà ní wéébíìlì. Ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì wa, ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè wọn nínú ojú ìwé kan ààbọ̀ yẹn. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ náà kò béèrè wọn.